Iyọ̀ Pọ̀ Jù Nínú Ọbẹ̀? Ẹ Má Dà Á Nù

Èrò ọkàn mi rèé. Ó máa ń dùn mí tí ènìyàn bá se ọbẹ̀, tí iyọ̀ bá jù ú, tó sì gbé odindi ìkòkò lọ dà sí gọ́tà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹran, pọ́nmọ́, òróró àti tátàṣé ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìkìrun wá kí wa ní Òkè-Fíà, l'Óṣogbo níbí. Mo ti fi iyọ̀ àti mágì bọ ẹran, mo da omi ẹran náà sí ata tí mo dín, mo tọ́ ọ wò, ó ṣe déédéé. Mo fi í sílẹ̀ lórí iná kó máa ki, mo lọ ń bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì. Nígbà tí mo padà dé, ọbẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nínú ìkòkò, iyọ̀ sì ti le koko. N ò bu iyọ̀ kankan kún un o. Omi ló ti gbẹ lọ, iyọ̀ kì í sì í bá omi gbẹ. Láti ọjọ́ náà, ó di ìgbà tí ọbẹ̀ bá ki tán kí n tó bu iyọ̀ ìkẹyìn.

Aládùúgbò mi ní kí n ju iṣu tàbí pòtétò sí i, pé á fa iyọ̀ náà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Iṣu kì í ṣa iyọ̀ mu. Ọbẹ̀ ló ń fà, tòun ti iyọ̀ inú rẹ̀, èyí tó kù nínú ìkòkò á sì le bó ṣe wà. Tí ẹ bá rí i tó rọ̀, omi tí ẹ bù kún un ló ṣiṣẹ́. Ṣúgà ní tirẹ̀, ahọ́n ló ń tàn jẹ. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò sì lè fi adùn bo iyọ̀ mọ́lẹ̀ fún wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, ti gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà lápapọ̀.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo pa iná, mo ṣa ẹran kúrò. Mo bu ṣíbí ọbẹ̀ méjì sínú àwo kékeré, mo bu ṣíbí omi gbígbóná kan lé e, mo jẹ́ kó tutù díẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Ó bá mi lẹ́nu mu. Ìyẹn ni pé ìdajì ọbẹ̀ náà ni mo ní láti fi kún un. Ìgbakọ mẹ́fà ló wà nínú ìkòkò, nítorí náà mẹ́ta ni mo nílò. Ṣùgbọ́n omi lásán á sọ ọ́ di ṣàn-ṣàn, kò ní ní ata lára mọ́. Mo lọ tátàṣé, rodo àti àlùbọ́sà, mo sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, mo fi òróró díẹ̀ dín in. N kò fi iyọ̀ sí i, n kò fi mágì sí i, n kò sì fi irú sí i, torí irú ọjà máa ń ní iyọ̀ nínú. Ìgbakọ mẹ́ta rẹ̀ ni mo dà sínú ọbẹ̀, mo dé e, mo jẹ́ kí wọ́n jọ hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ rántí dé e o, kí omi má baà tún gbẹ.

Ẹran ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Òun náà ti mu iyọ̀, tí ẹ bá sì dá a padà bẹ́ẹ̀, á máa tu iyọ̀ sínú ọbẹ̀ títí di alẹ́. Mo fi omi gbígbóná tí kò níyọ̀ sè é lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo da omi yẹn nù, kí n tó dá a padà. Mo wá tún ọbẹ̀ tọ́ wò.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gúsí ni, ẹ̀gúsí tí ẹ fi omi lásán pò ni kí ẹ fi kún un. Tó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀fọ́ tí ẹ bọ̀, tí ẹ sì fún. Ṣùgbọ́n tí ìdánwò inú àwo kékeré bá fi hàn pé ohun tí ẹ máa fi kún un pọ̀ ju ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ, ẹ bu ìdajì ọbẹ̀ náà sínú fìríìsà. Ẹ tún ìdajì tó kù ṣe. Èyí tó wà nínú fìríìsà ni ẹ máa dà sí ata tí kò níyọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Mo tún mọ̀ọ́mọ̀ se gbẹ̀gìrì àti ewédú láìfi iyọ̀ sí wọn rárá. Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ tọ́ gbẹ̀gìrì wò, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, iyọ̀ gbẹ̀gìrì yìí dà?" Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ po ó pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ata ná." Wọ́n po ó, wọ́n fi àmàlà kàn án, wọn ò béèrè iyọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìkìrun, wọ́n ní kí n bu ọbẹ̀ díẹ̀ sínú kúlà fún àwọn.