Ohun Kan Ṣoṣo Ni Kí Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ẹ Jọ Ń Ṣòwò

Èrò ọkàn mi ni pé lẹ́tà gígùn tí a máa ń kọ sí ẹni tí a jọ ń ṣòwò kì í sábà gùn nítorí pé ọ̀rọ̀ pọ̀. Ohun tó ń mú un gùn ni pé ojú ń tì wá láti sọ ohun tí a fẹ́ gan-an. Bí ẹni náà bá tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tó sì jẹ́ pé owó rẹ̀ ni a fi ń ná ọjà, a ó kí i, a ó ròyìn, a ó ṣàlàyé, a ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí kò bá wa bínú lé lórí, débi pé nígbà tí a bá fi máa dé orí ìbéèrè wa, kíkà á ti sú u.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níhìn-ín ní Kábà tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìjùmú. Ẹ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn ló ń fi owó sílẹ̀. Ó gbé ohun tó kọ sórí fóònù rẹ̀ wá fún mi kí n bá a wò ó kí ó tó fi ránṣẹ́. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò tó tètè dé, ó kọjá sórí òrùlé sítọ́ọ̀ tó jò, ó sọ ti awakọ̀ tó fi kún owó ọkọ̀, ó sọ bí òṣùwọ̀n àwọn aláròóbọ̀ kò ṣe péye, ó fẹnu kan ìpín èrè tí wọn kò tíì yanjú láti èṣí, ó sì wá parí rẹ̀ báyìí: “nítorí náà ẹ̀gbọ́n, bí kò bá ni yín lára, bóyá kí a tètè wo ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìyàrá yẹn kí ó tó bọ́.” Mo bi í pé, bí ẹ̀gbọ́n bá dáhùn pé “Ó dára,” kí ni ìwọ yóò ṣe lọ́la? Kò rí ohun kan sọ. Ìbéèrè yẹn ni mo máa ń fi dán irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wò: bí “ó dára” kò bá yí iṣẹ́ ọ̀la padà, a kò tíì béèrè ohunkóhun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gé gbólóhùn kúrò níbẹ̀. Èmi kò gbà pé gígé ló kàn. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi àmì sí ibi gbogbo tó ti ń fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ṣe nǹkan fún òun. Mẹ́rin ni wọ́n jẹ́: owó láti fi ra kajú tó wà ní Ìyàrá, àfikún owó ọkọ̀, òṣùwọ̀n tuntun, àti ìpín èṣí. Kò sí èyí tí kì í ṣe òótọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló ní ọjọ́ tó máa bọ́. Àwọn àgbẹ̀ Ìyàrá ní àpò 25 nílẹ̀, oníbàárà mìíràn sì ń bọ̀ wá kó o ní Ọjọ́ Ẹtì. Èyí tó ní ọjọ́ ni lẹ́tà náà. Àwọn yòókù kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí pé bí ìbéèrè bá di mẹ́rin, èyí tó rọrùn jù ni ẹni tó ń kà á máa dáhùn, a ó sì máa rò pé ó ti dá wa lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni a wá wo ohun tó yẹ kó kù. Ọ̀rọ̀ tó lè sọ “bẹ́ẹ̀ ni” di “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ́kàn ẹ̀gbọ́n ló gbọ́dọ̀ dúró. Ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ ni pé “owó ọwọ́ mi kò pọ̀ mọ́.” Ẹni tó ń fi owó sílẹ̀ kò lè fi ìyẹn ṣe ohunkóhun, iye tó kù ló fẹ́ mọ̀. Ti òrùlé tó jò ńkọ́? Mo kọ́kọ́ fẹ́ kó yọ ọ́, àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti tún un ṣe, mo ní kó fi gbólóhùn kan sílẹ̀ níbẹ̀, torí ibi tí àpò 25 yóò sùn sí lásìkò òjò ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó mọ kajú yóò béèrè: kajú tí omi bá kàn yóò bu, kò sì ní níye lórí mọ́. Bí a ṣe tún un kọ nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Mo kí yín, mo kí gbogbo ará ilé.

Ẹ jọ̀wọ́, mo ń béèrè ₦1,500,000 lọ́wọ́ yín kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí n lè ra àpò kajú 25 tó wà nílẹ̀ ní Ìyàrá.

Àpò kan, tó wọn kílò 80, jẹ́ ₦96,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,400,000. Owó yín tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ ₦900,000.

Kajú náà gbẹ. Mo mú lára àpò bíi mélòó kan, mo là á wò, inú rẹ̀ funfun. Mo ti tún òrùlé sítọ́ọ̀ ṣe, àyè sì wà.

Oníbàárà mìíràn ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì. Bí n kò bá gbúròó yín títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àpò 9 tí owó ọwọ́ mi ká ni n óò rà. Ẹ ṣeun, sà.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mọ ohun tí dídákẹ́ rẹ̀ yóò fà, nítorí pé ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà lè dákẹ́, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ọmọkùnrin yìí kò ní lọ jẹ gbèsè. Gbólóhùn ìbéèrè náà wà lókè pátápátá, lẹ́yìn ìkíni, nítorí pé àwọn ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń rí lójú fóònù kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn yóò ṣí i nísinsìnyí tàbí lálẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé kí a yọ ìkíni kúrò nínú ọ̀rọ̀ òwò. N kò gbà. Ọmọ tó béèrè owó lọ́wọ́ àgbà láìkí i ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Ìlà kan tó fún ìkíni. Ibi tí a ti ń ṣìṣe ni pé a fẹ́ kí àlàyé gùn kí ó bá wa gbé ọ̀wọ̀, nígbà tó jẹ́ pé “ẹ jọ̀wọ́” àti “yín” ti gbé e tán.

Owó ọkọ̀ yóò ní lẹ́tà tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrù bá fẹ́ gbéra, òṣùwọ̀n yóò sì ní tirẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ní ti ìpín èṣí, mo sọ fún un pé kó má kọ ọ́ rárá. Níbi tí ẹni méjì kò bá ti tíì gbà lórí iye kan náà, lẹ́tà kúkúrú á dún bí ẹ̀sùn, ti gígùn á dún bí àwáwí. Kí ó mú ìwé owó dání lọ sí Ìbàdàn, kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ láti orí àpò àkọ́kọ́.