Táǹkì sọ́kàwéè tí kì í kún kọ́ ló dára

"Ó di ọdún 18 tí mo ti kọ́lé yìí, mi ò pe ọkọ̀ agbégbẹ̀ẹ́ rí." Bàbá onílé kan n'Íbàdàn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, inú wọn sì ń dùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń yangàn nìyẹn. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ pọ́lọ́ńbà, ẹ̀rù ló máa ń bà mí tí mo bá gbọ́ ọ.

Ihò méjì la máa ń gbẹ́. Èkíní ni táǹkì, tí a fi kọnkéré dí nísàlẹ̀, tí a sì rẹ́ ògiri rẹ̀. Èkejì ni sọ́kàwéè gan-an, níbi tí ilẹ̀ ti ń fa omi mu. Táǹkì tó péye kì í pẹ́ kún, kíkún ló sì ń wà: bí korobá omi kan bá wọlé, korobá kan á jáde sí sọ́kàwéè. Ìgbẹ́ á rì, ọ̀rá á léfòó, omi àárín ni á máa jáde.

Mo ṣí táǹkì bàbá láàárọ̀. Omi fi nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ sí ẹnu páìpù tó yẹ kó máa gbà jáde, bẹ́ẹ̀ èèyàn 12 ló ń wẹ̀ tó ń fọṣọ nílé náà. Mo ki igi gígùn bọ̀ ọ́, kò kan kọnkéré, ẹrẹ̀ rírọ̀ ló ń wọ̀ lọ. Wọn ò dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rárá, inú ilẹ̀ ni omi ìdọ̀tí náà ń rìn lọ. Kànga wọn kò sì jìnnà ju mítà 9 lọ sí táǹkì náà. Nígbà tí òjò Oṣù Kẹsàn-án rọ̀ dáadáa, omi kànga gòkè, ti táǹkì náà sì gòkè tẹ̀lé e.

"Omi wa mọ́ gaara o," ni ìyá sọ. Kòkòrò àìsàn kì í ṣe ohun tójú ń rí. Tí a bá sè é, kòkòrò á kú, ṣùgbọ́n náítíréètì inú rẹ̀ kò ní lọ, ó sì léwu fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún.

Táǹkì tó dára náà ń fẹ́ kíkó, ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nílé púpọ̀. Ẹ wé aṣọ funfun mọ́ igi, ẹ ki igi náà bọ táǹkì títí dé ìsàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fà á jáde. Bí omi bá jìn tó 150 sẹ̀ǹtímítà, tí dúdú ìsàlẹ̀ aṣọ sì tó 50, ẹ pe ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pani. Bí wọ́n bá kó o tán tí omi tún ń ṣàn padà láti sọ́kàwéè, ilẹ̀ ibẹ̀ ti dí nìyẹn, kíkó nìkan ò lè tún un ṣe.

Ti bàbá, a gbẹ́ táǹkì tuntun, a sì fi iyanrìn dí ti àtijọ́. Wọn ò mu omi kànga náà mọ́, nítorí sọ́kàwéè tó dára pàápàá yẹ kó jìnnà tó mítà 30 sí kànga, ilẹ̀ wọn ò sì gbà á.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá pè mí pẹ̀lú ìpayà: "Táǹkì ti kún o!" Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹnu páìpù ló dé?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà."