Kálórì 150 tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá ìpékeré ńlá kì í ṣe ti gbogbo ọ̀rá

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Húsítìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan já ọ̀rá ìpékeré ńlá kan, ó gbé e sáàárín tábìlì, ó ní ká máa jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù, pé kálórì 150 péré ló wà nínú gbogbo rẹ̀, pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o." Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ju àwọn tó ṣe é lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ń gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, mo ń rí i lórí Wásáàpù, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí dókítà ti sọ fún pé kí wọ́n ṣọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ nítorí àtọ̀gbẹ. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ọ̀rá náà pọ̀.

Lókè àtẹ èròjà, kí ojú tó dé ibi kálórì rárá, ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ sọ iye ìpín tó wà nínú ọ̀rá: nǹkan bí 6. Èkejì sọ bí ìpín kan ṣe tó: gíráàmù 28. Kálórì 150 tí wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sábẹ́ rẹ̀, ti gíráàmù 28 yẹn ni. Ìpékeré gíráàmù 28 kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù yóò ti jẹ ẹ́ tán kí ó tó mọ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀. Níwájú ọ̀rá náà, nísàlẹ̀, wọ́n kọ ìwọ̀n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀: gíráàmù 170. Ẹ fi 28 pín 170, ẹ ó rí 6 àti díẹ̀. Ìlọ́po mẹ́fà 150 jẹ́ 900. Tí ẹ bá ka díẹ̀ yẹn mọ́ ọn, ó di 911. Iye tó wà nínú ọ̀rá nìyẹn.

Ẹni tí èyí kò bá tíì yé, kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó kó ìpékeré ilé iṣẹ́ kan náà lóríṣi mẹ́ta: ọ̀rá kékeré tó wọn gíráàmù 56, àárín tó jẹ́ 85, àti ńlá tó jẹ́ 170. Kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì yí ẹ̀yìn wọn síta. Lẹ́yìn ọ̀rá kékeré, yóò rí 300. Lẹ́yìn ti àárín, yóò rí òpó méjì, ọ̀kan sọ 150 fún ìpín kan, èkejì sọ nǹkan bí 450 fún gbogbo ọ̀rá. Lẹ́yìn ọ̀rá ńlá, 150 lásán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan náà ni, òróró kan náà, iyọ̀ kan náà. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀rá ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, á jẹ́ pé ọ̀rá tó tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta ní ìdajì kálórì tó wà nínú ọ̀rá kékeré. Ta ni yóò gba ìyẹn gbọ́? Síbẹ̀, ohun tí àwọn tó ń tako mi ń sọ gan-an nìyẹn, àfi pé wọn kò tíì to ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ rí.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1990 lórí àtẹ èròjà oúnjẹ sọ pé iye tí àwọn èèyàn sábà máa ń jẹ lẹ́ẹ̀kan ni kí ilé iṣẹ́ fi ṣe ìpín, àjọ FDA ló sì ń gbé ìwọ̀n náà kalẹ̀. Fún ìpékeré àti irú rẹ̀, gíráàmù 30 ni ìwọ̀n ìpìlẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 2016, wọ́n ní ọ̀rá tí kò bá tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n yẹn, ìpín kan ṣoṣo ni kí wọ́n pè é, nítorí pé kò sí ẹni tó máa ń jẹ ẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí gíráàmù 56 fi ní 300 lẹ́yìn. Èyí tó bá wà láàárín ìlọ́po méjì sí ìlọ́po mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní òpó méjì. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, òfin kò fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ ti gbogbo ọ̀rá sí i. Ọ̀rá ńlá yẹn gan-an la sì máa ń rà, torí pé owó rẹ̀ dínkù tí a bá fi ìwọ̀n ṣe é.

Àwọn kan á ní lẹ́tà tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà náà tóbi jù fún ti ẹ̀kúnwọ́ kan. Òfin 2016 yẹn kan náà ló ní kí wọ́n mú un tóbi, kò yí ohun tí nọ́ńbà náà dúró fún padà. Àwọn mìíràn á ní ìpín tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni iye tí ìjọba ní kéèyàn jẹ, pé ẹni tó bá ti jẹ "ìpín kan" ti ṣe dáadáa. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń jẹ ni wọ́n wò láti fi ṣe é, wọn kò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn.

Èmi ti ń wọn oúnjẹ màmá mi láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn, nítorí náà òṣùwọ̀n kékeré kan kì í kúrò nínú ilé ìdáná mi. Mi ò fi iye ìpín tí wọ́n kọ sókè ṣe ìṣirò mọ́, ìwọ̀n ni mo ń lò. Wọ́n máa ń sún iye ìpín sí nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn: láàárín 2 sí 5, ìdajì-ìdajì ni wọ́n ń sún un, tó bá ti kọjá 5, odindi ni. "Nǹkan bí 6" lè jẹ́ 5.6, ó sì lè jẹ́ 6.4. Ìwọ̀n gíráàmù kò ní ìṣòro yẹn. Mo máa ń gbé àwo sórí òṣùwọ̀n, màá dá a padà sí òdo, màá da ìpékeré sí i, màá fi ìwọ̀n ìpín kan pín ohun tí mo rí, kí n tó fi kálórì ìpín kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí màmá mi pè ní "díẹ̀" máa ń jẹ́ gíráàmù 70. Fi 28 pín in, ó jẹ́ 2.5. Kálórì 375 nìyẹn, ọ̀nà kan náà la sì fi ń ṣírò èròjà afúnnilágbára tí dókítà fi ń mọ iye ínsúlìn. Ẹni tó bá ka ti ìpín kan fún wọn yóò fún wọn ní ínsúlìn tí kò tó.

Ìyẹ̀fun pọ́ńdò ló wá le jù. Lẹ́yìn páálí tó wà nílé mi, wọ́n kọ pé ìpín kan jẹ́ ìdámẹ́rin ife, ìyẹn gíráàmù 40, kálórì rẹ̀ sì jẹ́ 140. Páálí náà wọn kílò 1.8, ìpín 45 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ pé gbogbo páálí ni 140, àmọ́ mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé àwo iyán kan ni 140, nítorí pé àwo kan ni "ìpín kan" lójú wọn. Gíráàmù 40 yẹn, ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, kó tó kan omi. Ẹ ro gíráàmù 40 ìyẹ̀fun fún ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé, kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohun tó máa sọ.

Àwọn kan tún ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Wọ́n á wọn iyán tó ti jinná, wọ́n á rí gíráàmù 400, wọ́n á fi 40 pín in, wọ́n á ní ìpín 10, kálórì 1,400. Ẹ̀rù á wá bà wọ́n, wọ́n á pa iyán tì. Omi ló pọ̀ jù nínú gíráàmù 400 yẹn, omi kò sì ní kálórì kankan.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn ọ̀rá kì í tilẹ̀ hàn nígbà mìíràn. Òróró tí wọ́n ń fín sínú páànù kọ 0 sára agolo rẹ̀, àwọn èèyàn sì gbà pé kò ní kálórì. Ìpín kan tirẹ̀ jẹ́ gíráàmù 0.25, ìyẹn fífín ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Ó tó nǹkan bíi kálórì 2, òfin sì gbà kí wọ́n kọ ohunkóhun tí kò bá tó 5 sílẹ̀ bí 0. Ẹni tó bá fín in fún ìṣẹ́jú àáyá 6 ti da nǹkan bíi gíráàmù 6 òróró sínú páànù, kálórì rẹ̀ sì lé ní 50.

Mo gbà pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún ìpín kan fúnra rẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀, FDA máa ń fàyè gba kí kálórì fi ìdá 20 nínú 100 ju ohun tí wọ́n kọ lọ. Ìyẹn kò sọ 900 di 150.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tiyín rọrùn díẹ̀, torí dandan ni kí wọ́n kọ ti gíráàmù 100 sẹ́yìn ọjà níbẹ̀. Ìpékeré kan náà yóò ní nǹkan bí 536 lábẹ́ 100. Ọ̀rá gíráàmù 170 jẹ́ 100 lọ́nà 1.7, ẹ fi 1.7 sọ 536 di púpọ̀, 911 náà ló máa já sí. Kí ẹ má kàn ka ti kílójúùlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ kálórì, òun fi ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ jù ú lọ.

Fún ìkòkò iyán tí gbogbo ilé fẹ́ jẹ, bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń wọn ìyẹ̀fun kí n tó da omi sí i. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 300, mo fi 40 pín in, 7.5, mo fi 140 sọ ọ́ di púpọ̀, kálórì 1,050 ló wà nínú ìkòkò. Tí iyán bá ti jinná, mo wọn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, mo yọ ìwọ̀n ìkòkò kúrò, ó kù 1,200. Ìyẹn túmọ̀ sí pé gíráàmù kan iyán jíjinná ní kálórì 0.875. Ọkọ mi jẹ 400, tirẹ̀ jẹ́ 350. Màmá mi jẹ 200, tiwọn jẹ́ 175. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kò tíì wọ inú ìṣirò yẹn o, tirẹ̀ ni ẹ ó ṣe lọ́tọ̀.