Ta Ló Pinnu? Ta Ló Fi Owó Kún Owó?

Lójú tèmi, ohun tó ń mú kí ìkéde ṣòro láti yé ènìyàn ni pé a kì í rí ẹni tó ṣe nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ wo èyí tí mo fi ṣàpẹẹrẹ:

“Ìpinnu ti wáyé lórí ṣíṣe àfikún sí owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń san lóṣooṣù látàrí ìnáwó tó ti pọ̀ sí i, èyí tí ìmúṣẹ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀, tí ìjìyà yóò sì wà fún ẹni tó bá kùnà.”

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni o! Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó gbé e ró ni “wáyé”, “bẹ̀rẹ̀” àti “wà”. Ènìyàn kankan kò pinnu, ẹnikẹ́ni kò fi owó kún owó. “Pinnu” ti di “ìpinnu”, “fi kún” ti di “àfikún”. Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti di ọ̀rọ̀-orúkọ báyìí, kò pọn dandan mọ́ kí a dárúkọ ẹni tó ṣe é, ibẹ̀ ni onítọ̀hún sì ti ń yọ́ lọ.

Bí èmi yóò ṣe tún un kọ nìyí:

“Ìgbìmọ̀ ti fi kún owó tí à ń san lóṣooṣù, nítorí pé ìnáwó ẹgbẹ́ ti pọ̀ sí i. Láti oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ti máa san iye tuntun. Ẹni tí kò bá san, akápò yóò gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò lè dá ṣe àtúnṣe yìí láìbi ẹni tó kọ ọ́ léèrè. Ta ló pinnu? Irú ìjìyà wo ni? Ta ni yóò fi jẹ wọ́n? Nígbà tí gbólóhùn sì kúrú tán ni àléébù tó tóbi jù hàn: ìkéde owó ni, kò sì sọ iye owó! Ọ̀rọ̀ gígùn ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má gé gbólóhùn bí ẹni gé ilá. “Ó mú ìwé náà. Ó lọ. Ó fún akọ̀wé.” Kí ló dé? Yorùbá ti ní “Ó mú ìwé náà lọ fún akọ̀wé”, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tó tò tẹ̀ lé ara wọn láìsí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò gé “nítorí pé” kúrò lára owó tó lé sí i lókè yẹn, torí pé ìdí gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó fà.

“Wọ́n” ńkọ́? Tí ẹ bá ní “Wọ́n ti jí kẹ̀kẹ́ mi”, ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ kò mọ olè náà. Àmọ́ tí ìgbìmọ̀ tó fi owó kún owó bá kọ “wọ́n ti fi owó kún owó”, èmi yóò béèrè pé àwọn wo ni “wọ́n”.