Ẹni tí kò jalè náà nílò lọ́yà

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó bá ní kí wọ́n pe lọ́yà fún òun ní àgọ́ ọlọ́pàá ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n á ní bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, sọ òótọ́, wọ́n á sì dá ọ sílẹ̀. Èrò yìí léwu gan-an. Adájọ́ kò rí inú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló máa fi dájọ́, ẹ̀rí náà sì nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u wò.

Ẹ wo ẹjọ́ Clarence Earl Gideon ní ìlú Panama City, ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1961, wọ́n ní ó fọ́ ilé tí wọ́n ti ń gbá bíláàdì, ó sì jí owó ẹyọ àti ọtí. Ó sọ fún adájọ́ pé òun fẹ́ lọ́yà, òun kò sì lówó. Adájọ́ ní òfin ìpínlẹ̀ náà kò fàyè gba lọ́yà ọ̀fẹ́ àyàfi fún ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ lè já sí ikú. Gideon bá gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún.

Nínú ẹ̀wọ̀n ló ti fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní March 18, 1963, ilé ẹjọ́ náà ní ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn ní lọ́yà bí kò bá lówó. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ ní August ọdún yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rí onítakisí tó gbé Gideon ló yẹ ká fojú sí. Nínú ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin yìí sọ pé Gideon ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbé e. Ọ̀rọ̀ yẹn dún bí ọ̀rọ̀ olè, Gideon kò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀. Nígbà kejì, lọ́yà béèrè. Onítakisí ní Gideon ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún òun rí, nítorí wàhálà tó wà láàárín Gideon àti ìyàwó rẹ̀. Ó tún ní Gideon kò gbé ọtí kankan lọ́wọ́ nígbà tó wọ ọkọ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ dá a láre. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ yìí ti lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n.

Ilé ẹjọ́ ni lọ́yà ti bá Gideon. Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ jù ni àgọ́ ọlọ́pàá, lórí sítétímẹ́ǹtì. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á ṣi àkókò sọ, á méfò ohun tí kò rí, àṣìṣe yẹn á sì di irọ́ tí wọ́n á fi mú un lọ́jọ́ ẹjọ́. Nítorí náà, dárúkọ rẹ àti àdírẹ́sì rẹ, kí o wá sọ ọ́ kedere pé: «Mo fẹ́ lọ́yà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sùn yìí títí á fi dé.» Má ṣe fi «bóyá» sí i. Lọ́dún 1994, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Davis, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ní «Bóyá ó yẹ kí n bá lọ́yà sọ̀rọ̀» kò tó láti dá ìbéèrè ọlọ́pàá dúró. Má fọwọ́ sí ìwé tí o kò kà, tàbí èyí tó ṣì ní àyè òfìfo.

Àwọn míì tún rò pé bí òfin bá ti ní lọ́yà jẹ́ ẹ̀tọ́, lọ́yà á yọjú. Àdéhùn àgbáyé ti 1966 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ti òṣèlú fúnra rẹ̀ kò ṣèlérí ti ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹjọ́. Ó ní ìgbà tí ìdájọ́ òdodo bá béèrè fún un ni. Níbi tí lọ́yà ọ̀fẹ́ bá ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀kan ṣoṣo lè kó fáìlì rẹpẹtẹ sọ́wọ́, kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ ló ti kọ́kọ́ rí ẹni tó fẹ́ gbèjà. Bí kò bá tíì béèrè ẹlẹ́rìí rẹ, tí ohun tó kọ́kọ́ sọ sì jẹ́ pé kí o gbà pé o jẹ̀bi, kò tíì ráyè ka ẹjọ́ rẹ nìyẹn. O lè sọ fún adájọ́ pé ẹ kò tíì jọ sọ̀rọ̀, kó sún ẹjọ́ síwájú. Bí kò bá sí lọ́yà rárá, ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ pé o béèrè, nítorí àkọsílẹ̀ yẹn ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn máa kà.

Má dúró de lọ́yà kí o tó kó ẹ̀rí jọ. Kọ àkókò tí wọ́n mú ọ, àwọn tó wà níbẹ̀, àwọn tó mọ ibi tí o wà nígbà tí wọ́n ní ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, àti ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ, sórí abala ìwé kan. Bí kámẹ́rà bá wà níbẹ̀, jẹ́ kí ẹbí rẹ lọ bá ẹni tó ni ín lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ń ya àwòrán tuntun lé ti àtijọ́ lórí.