Ta Ló Tún Kó “would” Wọlé “if”?

Ó tún dé o! Láàárọ̀ yìí, ní ọ́fíìsì wa ní Ìkòròdú, mo ka ímeèlì tí akọ̀wé wa fẹ́ fi ṣàlàyé fún oníbàárà bí sìmẹ́ńtì tó yẹ kó lọ sí Àgbádárìgì ṣe balẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí ni: “If I would have known, I would have called the driver.” Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé nínú oṣù kan ṣoṣo! Ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín “would” ni?

Mo mọ ibi tó ti wá. Àwa a máa sọ pé “ǹ bá mọ̀, ǹ bá ti pe awakọ̀”, “bá” wà lápá méjèèjì, òun náà ló sì wà nínú àbámọ̀ tó ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì tí à ń kọ sílẹ̀, “had” ló ń tẹ̀ lé “if”, àbájáde ló ni “would have”: “If I had known, I would have called.” Kí ló le níbẹ̀? Àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà ń ṣe àṣìṣe yìí lẹ́nu, àmọ́ ṣé àwọn ló gbé sìmẹ́ńtì lọ sí Ẹ̀pẹ́?

Ìlà kejì ló wá bà mí nínú jẹ́ jù: “If you would have told me.” Ẹ gbọ́ ná! “Would” yẹn ń dún bí ẹni pé oníbàárà mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti sọ ni. Ṣé ẹni tó ṣi ẹrù gbé ló tún ń dá ẹlẹ́rù lẹ́bi? Mo ti fi “had” rọ́pò “would have” tó wà lápá “if” nínú ìlà méjèèjì. Ó tó!