Ìwọ̀n Ìhó Nìkan Kò Lè Sọ Orúkọ Olómi

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí olómi tí a kò mọ̀ bá ti hó ní ìwọ̀n tó wà nínú ìwé, a ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àyíká 80 °C nìkan: bútánónì ń hó ní 79.6, bẹ́ńsíìnì ní 80.1, sáíkílóhẹ́sénì ní 80.7, asẹtonáítíráìlì ní 81.6, ísópírópánọ́ọ̀lù ní 82.4. Tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ bá wá sílẹ̀ láti 760 sí 730 mìlímítà mákúrì, ìwọ̀n ìhó á fi bí 1 °C dín, ìyẹn sì tó láti gbé orúkọ ọ̀kan fún èkejì.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo mìíràn kò sàn jù ú lọ. Dẹ́nsítì, ìyẹn iye gíráàmù tó wà nínú mìlílítà kan, jẹ́ 0.785 fún ísópírópánọ́ọ̀lù, ti asẹtonáítíráìlì sì jẹ́ 0.786. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú olómi ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: 1.378 àti 1.344. Ṣùgbọ́n 1.379 ni ti bútánónì, àfi ká tún padà sọ́dọ̀ dẹ́nsítì rẹ̀, 0.805, ká tó lè yọ ọ́ kúrò.

Ká ní yàrá wà ní 28 °C, tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ jẹ́ 730. Ìgò ìwọ̀n tó ń gba 10.00 mìlílítà gba gíráàmù 7.78, rẹfiratómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn títẹ̀ ìmọ́lẹ̀, ka 1.374, tẹmómítà tí orí rẹ̀ wà nínú ooru olómi, tí kò rì sínú olómi fúnra rẹ̀, ka 81.4. Ẹni tó bá mú 0.778 bó ṣe wà máa pè é ní sáíkílóhẹ́sénì, tí tirẹ̀ jẹ́ 0.779. Àṣìṣe nìyẹn, torí 20 °C ni ìwé fi wọn tirẹ̀. Ẹ fi bí 0.00085 kún dẹ́nsítì fún ìwọ̀n ìgbóná kọ̀ọ̀kan tó lé, àti 0.00045 kún ti ìmọ́lẹ̀. Ó di 0.785 àti 1.378. Tí ẹ bá sì fi 1 °C tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ mú kúrò kún ìhó, ó di 82.4. Ísópírópánọ́ọ̀lù ni. Sáíkílóhẹ́sénì ì bá fi 1.426 hàn lára ìmọ́lẹ̀.

Ìgbàgbọ́ kan ṣì wà tó léwu jù: pé olómi tó ń hó lójú kan láì yẹ̀ ti mọ́ gaara. Ísópírópánọ́ọ̀lù tí omi tó bí ìdá 12 nínú 100 wà nínú rẹ̀ ń hó ní 80.4 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì sún mọ́ ti bẹ́ńsíìnì gan-an. Omi yẹn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí títẹ̀ ìmọ́lẹ̀ padà. Dẹ́nsítì ló máa tú àṣírí rẹ̀, nítorí ó máa kọjá 0.81. Ẹ fi kálísíọ́mù ọ́kísáìdì fa omi náà, ẹ tún un sè kí ẹ gba ooru rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì bára mu, láàárín àwọn olómi tó wà nínú àkójọ yín nìkan ni ìdáhùn náà ti dúró.